Sípíkà Tó Ń Kùn: Bí A Ṣe Ń Wá Òrùka Ẹ́ẹ̀tì Rí àti Ibi Tó Yẹ Ká Ti Já A

Ẹ so láàpútọ́pù mọ́ ańpílífáyà pẹ̀lú wáyà ọ́ọ̀kìsì. Ẹ kò tíì fi orin kankan sí i, síbẹ̀ sípíkà ti ń kùn hùùùn lábẹ́lẹ̀, ohùn kan náà tí kì í ròkè tí kì í wálẹ̀. Ẹ fa ṣájà láàpútọ́pù yọ lára ògiri, ariwo náà dákẹ́ lójijì. Ẹ ki ṣájà náà bọ ògiri padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń gbọ́ bá rí báyìí, sípíkà yín kò bàjẹ́, ańpílífáyà yín náà kò sì bàjẹ́. Iná kékeré kan ló ń yípo láàárín àwọn ẹ̀rọ yín, inú wáyà tó yẹ kó jẹ́ ti orin nìkan ló sì ń gbà kọjá. Òrùka ẹ́ẹ̀tì la ó máa pè é nínú orí yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí òrùka yìí ṣe ń pa dé kí ẹ tó náwó lé ohunkóhun, nítorí pé ibi tó ti pa dé ló ń sọ ibi tí ẹ ó ti já a. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á máa pààrọ̀ wáyà, á máa pààrọ̀ sípíkà, nígbà tó bá sì sú u, á fi ayùn gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kúrò. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lè pa èèyàn, a ó sì dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó wà nínú wáyà ọ́ọ̀kìsì

Ẹ wo ẹnu wáyà ọ́ọ̀kìsì dáadáa, èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3.5. Ìlà róbà tín-ín-rín méjì ló pín irin rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣóńṣó rẹ̀ ń gbé ohùn apá òsì, àárín rẹ̀ ń gbé ohùn apá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ti wáyà kẹta, èyí tí wọ́n sábà máa ń hun yí àwọn méjì yòókù ká. Iṣẹ́ méjì ni wáyà kẹta yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ariwo ìta, òun náà sì ni ọ̀nà tí iná orin ń gbà padà sí ibi tó ti wá. Nítorí iṣẹ́ kejì yìí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní wáyà ìpadà.

Ìdí ariwo wà nínú bí wáyà kan ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjì yìí. Ańpílífáyà kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ orin ju pé kó wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáyà orin àti wáyà ìpadà, kó sì gbé ìyàtọ̀ náà ga. Bí iná àjèjì kan bá ń ṣàn nínú wáyà ìpadà, ìyàtọ̀ yẹn á yí padà, ańpílífáyà á sì gbé iná àjèjì náà ga pẹ̀lú orin. Kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí wáyà tó wọ́n gógó fi lè máa kùn bíi ti èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí òrùka ẹ́ẹ̀tì bá ti wà níbẹ̀.

Bí òrùka ṣe ń pa dé

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹsẹ̀ kan tó gùn ju àwọn méjì yòókù lọ. Ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Wáyà aláwọ̀ ewé àti òféèfèé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gba inú ògiri lọ sí bọ́ọ̀dù iná, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Lára ańpílífáyà, wáyà yìí kan àpótí irin rẹ̀. Lára láàpútọ́pù, ọ̀pọ̀ ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé ẹ́ẹ̀tì kọjá títí dé ara irin láàpútọ́pù fúnra rẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ méjì ni, kálukú wọn ti kan ẹ́ẹ̀tì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wàhálà dé ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá ki wáyà ọ́ọ̀kìsì bọ àwọn méjèèjì, torí pé wáyà ìpadà inú rẹ̀ kan ara irin láàpútọ́pù ní orí kan, ó sì kan ara irin ańpílífáyà ní orí kejì. Ẹ fi ìka tọ ọ̀nà náà lọ: láti ara láàpútọ́pù gba inú ṣájà lọ sí ògiri, láti ògiri gba inú wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ańpílífáyà, láti ibẹ̀ wọ ara ańpílífáyà, kí ẹ wá gba inú wáyà ọ́ọ̀kìsì padà sí láàpútọ́pù. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ padà sí. Òrùka náà ti pa dé.

Ó ku ohun tó ń ti iná yípo nínú òrùka náà. Ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ti èkejì nínú ilé kan náà kò dọ́gba pátápátá. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà àti kọ̀ǹpútà ló ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú wáyà ẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn èròjà kan tí wọ́n fi sínú wọn láti pa ariwo iná. Wáyà ẹ́ẹ̀tì gígùn kò sì ṣàìdí ohun tó ń jò yìí lọ́wọ́ díẹ̀. Nítorí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lè fi ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì ju ti iwájú lọ. Ẹ gbé àgbá omi méjì kalẹ̀, kí omi ọ̀kan fi ìbú ìka kan ga ju ti èkejì lọ. Kò sẹ́ni tí ìyẹn máa dà láàmú. Àmọ́ bí ẹ bá fi páìpù so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú páìpù. Wáyà ọ́ọ̀kìsì ni páìpù yẹn, ohun tó ń jò látara fíríìjì àtàwọn yòókù kò sì ní jẹ́ kí àgbá méjèèjì dọ́gba láé.

Iná ilé wa ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó bá jò látinú rẹ̀ náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohùn tó jìn, tó nípọn, tó sì dúró sójú kan lẹ ń gbọ́. Ní Amẹ́ríkà àti Bùràsílì, níbi tí iná ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 60, ohùn náà ga díẹ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀nà kejì tún wà tí iná ń gbà wọ òrùka: bí òrùka bá fẹ̀, agbára òòfà tó ń jáde lára tiransifọ́mà àti wáyà iná tó wà nítòsí á máa bí iná sínú rẹ̀. Òrùka tó fẹ̀ yí gbọ̀ngàn ká ń kó ariwo ju èyí tí kò fẹ̀ ju orí tábìlì lọ.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ yìí nínú gbọ̀ngàn kan, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo. Ańpílífáyà àti sípíkà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Láàpútọ́pù tó ń gbé orin àti ọ̀rọ̀ orin jáde wà lẹ́yìn, òun àti porojẹ́kítọ̀ jọ wà lórí tábìlì kan, wáyà HDMI ló so wọ́n pọ̀. Wáyà ọ́ọ̀kìsì tín-ín-rín tó gùn tó mítà 10 ló gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síwájú. Nígbà tí akọrin ń kọrin, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí àdúrà bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ilé dákẹ́, hùùùn gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó rẹ fólúùmù ańpílífáyà sílẹ̀ pátá nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fa wáyà yọ tàbí ki wáyà bọ̀ ọ́. Ohùn pàà tó máa ń jáde nígbà tí ẹnu wáyà bá ń wọlé lè ba sípíkà jẹ́, pàápàá àwọn kékeré tó ń dún ohùn òkè.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni láti fa wáyà ọ́ọ̀kìsì yọ lára ańpílífáyà, kí a wá gbé fólúùmù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ańpílífáyà fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn. Ká ní ó ṣì ń kùn láìsí wáyà kankan lára rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òrùka ẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ tó ń sọ iná di títẹ́jú ló sábà máa ń ti gbẹ, oníṣẹ́ rédíò ló sì lè pààrọ̀ wọn. Ẹ má ṣe fa wáyà yọ lára láàpútọ́pù nìkan kí orí kejì ṣì wà lára ańpílífáyà, torí wáyà tó ṣí sílẹ̀ báyẹn á máa kó ariwo láti inú afẹ́fẹ́, á sì ṣì yín lọ́nà.

Ìdánwò kejì ni láti ki fóònù tí kò sí lórí ṣájà bọ ẹ̀yìn wáyà ọ́ọ̀kìsì kan náà yẹn, ní ibi tí láàpútọ́pù wà gan-an. Orin mọ́ tónítóní. Fóònù tó ń lo bátìrì kò kan ẹ́ẹ̀tì kankan, nítorí náà òrùka kò lè pa dé. Ìdánwò kan ṣoṣo yìí ti dá wáyà láre, ó sì ti dá ańpílífáyà láre. Ká ní fóònù náà ń kùn ni, à bá wo wáyà: bí wáyà ìpadà bá ti já nínú, ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an, ó sì máa ń yí padà bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ẹnu wáyà tàbí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìdánwò kẹta ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ dá láàpútọ́pù padà, ó fa ṣájà rẹ̀ yọ kó lè máa lo bátìrì, ariwo sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní: “Kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì nìyẹn o, láàpútọ́pù yìí ló ti bàjẹ́.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́, àmọ́ ó gbàgbé porojẹ́kítọ̀. Porojẹ́kítọ̀ náà ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ kan ẹ́ẹ̀tì, irin tó yí wáyà HDMI ká sì so ara porojẹ́kítọ̀ mọ́ ara láàpútọ́pù. Ọ̀nà méjì ni òrùka ní láti àtètèkọ́ṣe. Ó já ọ̀kan, ìkejì ṣì wà. Nígbà tó fa HDMI yọ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe ìdánwò yìí, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára láàpútọ́pù kúrò àfi wáyà ọ́ọ̀kìsì nìkan: ṣájà, HDMI, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun tó bá ti lè kan ẹ̀rọ mìíràn tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí. Èyí tó bá gbé ariwo dé ni ẹnu ọ̀nà òrùka. Bí ó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ ń lò, ẹ má ṣe gbàgbé wáyà àńtẹ́nà àti ti díìṣì, torí àwọn náà lè kan ẹ́ẹ̀tì láti orí òrùlé wá.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe hùùùn nìkan ló ń wá. Ẹ lè máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ń dún wíì-wíì, tó ń yí padà bí ẹ bá ti ń ṣí ojú ìwé tàbí tí ẹ bá ń gbé atọ́ka máósì kiri. Ariwo iṣẹ́ inú láàpútọ́pù nìyẹn. Ó sábà máa ń gba òrùka kan náà kọjá, ohun tó bá sì wo hùùùn sàn á wo òun náà sàn.

Bí a ṣe wò ó sàn

Ẹ jẹ́ ká wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìwòsàn kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́. Ká sọ pé ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn fi ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì yàtọ̀ sí ti iwájú. Wáyà ọ́ọ̀kìsì tín-ín-rín tó gùn tó mítà 10 lè dí iná lọ́wọ́ tó óòmù kan, nígbà tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé tó nípọn kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá óòmù lọ. Nítorí pé wáyà ọ́ọ̀kìsì ló ń dí iná lọ́wọ́ jù, òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yẹn máa hàn lára rẹ̀, nǹkan bí ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì. Ó kéré lójú. Àmọ́ bí wọ́n bá ti rẹ ohùn láàpútọ́pù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lè má ju ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì lọ nígbà tó bá jáde níbẹ̀. Ariwo á wá jẹ́ ìdá mẹ́wàá ọ̀rọ̀. Kò sí etí tí kò ní gbọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n gbé ohùn láàpútọ́pù sókè títí tó fi kù díẹ̀ kó kún, wọ́n sì rẹ fólúùmù ańpílífáyà sílẹ̀ títí tí orin fi padà sí bó ṣe máa ń rí nínú gbọ̀ngàn. Òrùka ṣì wà, iná àjèjì ṣì ń ṣàn bó ṣe ń ṣàn, ṣùgbọ́n orin tó ń bá a rìn nínú wáyà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, ańpílífáyà kò sì gbé àwọn méjèèjì ga tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tí ariwo náà kò pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ á ti parí síbí.

Ohun kejì ni pé kí gbogbo ẹ̀rọ tó so pọ̀ mọ́ra gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Wọ́n fa ẹsitẹ́ńṣọ̀n oníwáyà nípọn láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ańpílífáyà lọ sẹ́yìn, láàpútọ́pù àti porojẹ́kítọ̀ sì jọ ń gba iná níbẹ̀. Porojẹ́kítọ̀ tó ń jẹ wáàtì 300 àti ṣájà láàpútọ́pù tó ń jẹ wáàtì 65 kò tó nǹkan fún sọ́kẹ́ẹ̀tì àńpíà 13, tó lè gbé bíi wáàtì 3,000. Wọ́n tún jẹ́ kí wáyà ọ́ọ̀kìsì àti ẹsitẹ́ńṣọ̀n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan náà, kí òrùka má baà fẹ̀. Ohun tí fíríìjì àti fáànù ilé ń jò sínú ẹ́ẹ̀tì kò rí àyè láàárín àwọn ẹ̀rọ náà mọ́. Ariwo lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá súnmọ́ sípíkà nìkan ló lè gbọ́ ọ. Lórí tábìlì kan, níbi tí kọ̀ǹpútà àti sípíkà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rò pé ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe nìyí, kí ẹ sì fi wáyà ọ́ọ̀kìsì kúkúrú rọ́pò gígùn.

Ohun kẹta ló já òrùka náà gan-an. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní áísólétọ̀, ihò ọ́ọ̀kìsì wà ní orí kan, ẹnu wáyà ọ́ọ̀kìsì wà ní èkejì. Tiransifọ́mà kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Nínú tiransifọ́mà kọ̀ọ̀kan, wáyà tó ń gbé orin wọlé kò kan wáyà tó ń gbé e jáde níbì kankan. Agbára òòfà ló ń gbé orin kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Orin kọjá, ṣùgbọ́n wáyà ìpadà ti já sí méjì, òrùka kò sì pa dé mọ́. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ańpílífáyà, ní ìparí wáyà gígùn, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́pù.

Ẹ dán áísólétọ̀ wò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ òǹtajà, torí ayédèrú rẹ̀ wà. Ẹ gbé mítà oníṣẹ́ iná sí ibi tó ti máa ń ké bí wáyà méjì bá kanra. Ẹ fi orí kan kan ìdí ẹnu wáyà ní apá kan, kí ẹ fi orí kejì kan ìdí ti apá kejì. Bí mítà bá ké, àwọn ìdí méjèèjì ti kanra nínú àpótí náà, kò sì ní já òrùka kankan. Bí kò bá ké, ó dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ orin tó ní béèsì tó wúwo gba inú rẹ̀, kí ẹ sì fi wé bó ṣe rí láìsí i. Tiransifọ́mà tó kéré jù kì í lè gbé béèsì ńlá: á mú kó fúyẹ́, tàbí bí ohùn bá pọ̀ jù, á mú kó há. Fún ọ̀rọ̀ ìwàásù àti fíìmù, èyí kì í ṣe nǹkan. Fún ẹni tó ń ṣe orin tà, ó tó ìdí láti ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí míksà bá wà, ohun tó dára ju áísólétọ̀ lọ fún wáyà gígùn ni àpótí díáì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn máa ń gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Tiransifọ́mà wà nínú irú èyí tí kò lo iná, ó sì ń sọ orin láàpútọ́pù di irú èyí tó lè gba wáyà máíkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Nínú wáyà máíkì, wáyà méjì ló ń gbé orin, ìkẹta sì wà fún ààbò nìkan, iṣẹ́ kò pa pọ̀ mọ́. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára àpótí náà tó ń já ẹ́ẹ̀tì wáyà ohùn. Kò léwu, torí wáyà ohùn nìkan ló ń já, kò fọwọ́ kan ẹ́ẹ̀tì iná ògiri.

Ẹ̀rọ Búlútúùtù tó ní bátìrì tirẹ̀ náà ń já òrùka, níwọ̀n bí kò ti sí wáyà láàárín òun àti láàpútọ́pù. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn àwòrán, ẹni tó ń wo fíìmù á sì rí ẹnu tó ń lọ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Bí ẹ bá wá ń fi wáyà gba iná rẹ̀ láti ara láàpútọ́pù kan náà yẹn, ẹ ti dá òrùka padà fúnra yín. Káàdì ohùn tó ń wọ ihò USB, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà nítorí ariwo yìí, kì í sábà wò ó sàn, nítorí ìdí kan náà: wáyà USB ń gbé ẹ́ẹ̀tì láàpútọ́pù dé inú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹta kì í ṣe ibi tí à ń gé

Ó dájú pé bí ẹ bá já ẹ́ẹ̀tì ańpílífáyà, ariwo á lọ. Òrùka já níbẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, tàbí tí wọ́n ń lo ádápútà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí wọ́n á sì máa fi ìdùnnú sọ pé àwọn ti rí oògùn rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n yọ kúrò. Iṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì ni pé, ọjọ́ tí wáyà iná inú ańpílífáyà bá já tó sì kan àpótí irin rẹ̀, iná ńlá á gba ẹ́ẹ̀tì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì á sì já. Láìsí ẹ́ẹ̀tì, fíúsì kò ní já. Àpótí irin náà á dúró pẹ̀lú iná fóòtì 230 lára, iná náà á gba inú wáyà ọ́ọ̀kìsì lọ sí ara láàpútọ́pù, á sì gba wáyà máíkì lọ sí ọwọ́ ẹni tó ń wàásù. Láti ìta, kò sí ohun tó máa yàtọ̀. Orin á máa dún, gílóòbù á máa tàn.

Ní ọdún 1972, nínú gbọ̀ngàn kan ní ìlú Swansea ní Wales, Les Harvey, ọmọ ẹgbẹ́ olórin Stone the Crows, fọwọ́ kan máíkì tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára, iná gbé e, ó sì kú. Bí ẹ bá rí ohun èlò kankan nínú gbọ̀ngàn yín tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Wáyà ohùn ni kí ẹ máa já, kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì iná.

Àṣìṣe kejì tó jọ ọ́ ni pé kí wọ́n ri ọ̀pá irin ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ ohùn nìkan, láìso ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dí iná lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀pá méjì tí kò so pọ̀ á mú kí ìyàtọ̀ àárín àgbá méjèèjì pọ̀ sí i, bí wàhálà bá sì dé, iná tó máa gba inú ilẹ̀ kọjá lè má tó láti já fíúsì. Ọ̀pá púpọ̀ kò burú, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ so mọ́ ara wọn níbi bọ́ọ̀dù iná.

Ilé tí kò ní ẹ́ẹ̀tì rárá

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ihò mẹ́ta ṣùgbọ́n ihò ẹ́ẹ̀tì kò lọ síbì kankan. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ni pé ara irin láàpútọ́pù á máa ta yín lọ́wọ́ wín-ín-wín-ín bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn ìka pa á nígbà tó wà lórí ṣájà. Àwọn èròjà tó ń pa ariwo iná nínú ṣájà, tó yẹ kó máa da ohun tó jò sínú ẹ́ẹ̀tì, kò rí ibi dà á sí, ara ẹ̀rọ ló ń dà á sí. Bí ẹ bá wá ki wáyà ọ́ọ̀kìsì bọ̀ ọ́, ohun tó jò náà á gba wáyà ìpadà lọ sí ara ańpílífáyà. Ariwo tó ń mú wá kì í sábà jẹ́ hùùùn tó tẹ́jú. Ó máa ń le, ó máa ń dún zìì, ó sì máa ń rẹlẹ̀ bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé irin láàpútọ́pù. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá.

Áísólétọ̀ á dín in kù, lílo bátìrì á sì pa á pátápátá, ṣùgbọ́n ilé ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, kó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, kó sì fi mítà wò ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀. Bí ariwo bá wá jẹ́ pé ó ń dé nígbà tí ẹ bá gbé iná sórí ínfátà nìkan, tí ó sì ń lọ nígbà tí iná NÉPÀ bá dé, ẹ wo irú ínfátà tí ẹ ní. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í gbé iná jáde bí ìgbì omi tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iná wọn ń fò láti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eteetí fífò yẹn sì ni ẹ ń gbọ́ nínú sípíkà. Láàpútọ́pù tó wà lórí bátìrì àti áísólétọ̀ á mú èyí tó ń gba wáyà ọ́ọ̀kìsì kúrò. Èyí tó bá ń gba wáyà iná ańpílífáyà wọlé, ínfátà tó ń gbé ìgbì iná gidi jáde nìkan ló lè mú un kúrò.